Ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù tí mo fẹ́ bá àwọn ọmọbìnrin kíláàsì mi sọ, ẹ bá mi wò ó

Tíṣà Ìsẹ́yìn

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò yín. Tíṣà ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama ìjọba, JSS 2 àti JSS 3 ni mò ń kọ́. Nígbà tí mò ń ṣírò rẹ́jísítà táàmù tó kọjá ni mo rí nǹkan kan tí mi ò kíyè sí látẹ̀yìnwá. Ọmọ kan wà, ẹ jẹ́ n máa pè é ní Ọmọ Ẹ̀yìn torí ẹ̀yìn kíláàsì ló máa ń jókòó sí, ọmọ tó gbọ́n ni, kì í pẹ́ lẹ́yìn, àmọ́ ó pa ọjọ́ 9 jẹ. Mo bá to àwọn ọjọ́ náà sórí pépà, mo rí i pé mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n tò, ọjọ́ mẹ́ta léra wọn, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá á tún pa mẹ́ta jẹ, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin míì kọjá á tún pa mẹ́ta. Táàmù ọlọ́sẹ̀ 13 ni o, ọjọ́ 65 péré la fi ń kàwé, 9 sì ti lọ nínú ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n parí ìdá nínú ìṣirò, ìdí nìyẹn tí kò fi mọ ìdá títí dòní tí mo sì ń rò pé kò fọkàn sí i ni.

Mo pè é sí kọ̀rọ̀, mo bi í jẹ́jẹ́. Ó kọ́kọ́ ní ibà ni. Nígbà tó yá ló dorí kodò, ó ní, "Mà, inú ló máa ń run mí, mi ò sì ní páàdì tó máa gbé mi dé òpin ẹ̀."

Ọ̀gá wa ti fún mi ní ìṣẹ́jú 10 lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, àwọn ọmọbìnrin nìkan ló máa dúró. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ rèé:

"Ẹ̀yin ọmọ mi, nǹkan oṣù kì í ṣe àìsàn. Ẹ máa wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ máa pààrọ̀ páàdì yín. Ẹ má jẹ́ kí ọkùnrin fọwọ́ kàn yín torí ẹ ti lè lóyún báyìí. Ẹ má torí ẹ̀ pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ."

Mo kà á sókè nínú yàrá mi lánàá, mo rí i pé kò sí ẹyọ nǹkan kan níbẹ̀ tí Ọmọ Ẹ̀yìn lè mú lò tí ọjọ́ ẹ̀ bá tún dé. Kí ni kí n yọ, kí ni kí n fi sí i?

Ìyá Ìbejì Mókọ̀lá

Tíṣà ẹ kú iṣẹ́, Olúwa á san yín lẹ́san rere. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n jáwọ́ nínú ṣúgà, ohun dídùn ló ń fa inú rírun yẹn, jẹ̀díjẹ̀dí ló ń bá wọn jà. Bísíkíìtì, mínírà, súwíìtì, gbogbo ẹ̀ kí wọ́n fi sílẹ̀, kí wọ́n má sì mu omi tútù rárá tí wọ́n bá ń ṣe é. Omi gbígbóná ni kí wọ́n fi jó ìsàlẹ̀ ikùn, èmi ni mo fi ń jó àwọn ọmọ mi, ó sì ń dẹ̀ wọ́n lára. Oògùn òyìnbó ni kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n lò, ó ń ba ilé ọmọ jẹ́, ẹni bá ń lò ó lóṣooṣù láti kékeré, tó bá dé ilé ọkọ ló máa mọ ohun tó ti ṣe.

Apòògùn Abẹ́òkúta

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Omi gbígbóná yẹn, òótọ́ lẹ sọ, ó ń ṣiṣẹ́. Ìgò omi gbígbóná tí wọ́n fi aṣọ wé, kí wọ́n gbé e lé ìsàlẹ̀ ikùn, á dẹ ẹran ara ibẹ̀. Kó má ṣáà gbóná débi tó máa bó ọmọ lára. Àmọ́ ṣúgà kọ́ ló ń fa inú rírun yẹn o, omi tútù náà kọ́. Mo máa sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fáwọn ọmọ tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

Ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń fún aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ kí omi ara ẹ̀ lè jáde. Bí ilé ọmọ ṣe ń fún ara ẹ̀ nìyẹn kó lè ti ẹ̀jẹ̀ yẹn jáde. Ó ní èròjà kan tí ilé ọmọ fúnra ẹ̀ máa ń pò, òun ló ń pàṣẹ fún un pé kó fún ara ẹ̀. Tí èròjà yẹn bá pọ̀, fífún náà á le, inú á run, ó lè ta dé ẹ̀yìn àti itan, ó tiẹ̀ lè mú ọmọ bì tàbí kó máa ya ìgbẹ́ gbuuru. Ọjọ́ kìíní àti ìkejì ló máa ń pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó bá di ọjọ́ kẹta ara á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́.

Oògùn tí wọ́n ń pè ní aibúpúrófẹ̀n, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó má jẹ́ kí ara pò èròjà yẹn. Ẹ wá wò ó, tó bá jẹ́ ìgbà tí ọmọ ti ń yí lórí ẹní ló tó lò ó, èròjà yẹn ti wà nílẹ̀ pelemọ, oògùn á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sáré lé e. Ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn. Ọmọ á fara dà á láti àárọ̀, tó bá di aago méjì ọ̀sán tí kò lè fara dà á mọ́ á wá gbé parasitámọ̀ ẹyọ kan mì lórí òfìfo, á wá ní oògùn ò ran òun.

Tíṣà, ẹ bi Ọmọ Ẹ̀yìn, ìgbà wo ló máa ń lo oògùn, èwo ló sì ń lò?

Bàbá Ọmọge Mẹ́ta

Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ béèrè. Ọmọ mi àkọ́kọ́ ti pé 14, kò tíì rí i rárá. Àbúrò ẹ̀ tó jẹ́ 12 ti rí i. Ìyá wọn ò sí mọ́, èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú wọn. Ṣé ìṣòro ni? Ó ń dà mí láàmú lóru.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì

Bàbá wa, Ọlọ́run á bá yín tọ́ wọn. 14 ò tíì pẹ́ jù. Ṣé àyà ẹ̀ ti ń yọ? Tó bá ti ń yọ, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ń bọ̀. Tó bá pé 15 tí kò tíì rí i, ẹ mú un lọ rí dókítà. Tí àyà ò bá sì tíì yọ rárá títí di ìsinsìnyí, ẹ má dúró dìgbà yẹn, ẹ lọ báyìí. Tí ẹ bá sì ti ń ra páàdì fún kékeré, ẹ ra ti ẹ̀gbọ́n náà sílẹ̀, kó má bàa jẹ́ pé inú kíláàsì ni ti ẹ̀ máa ká a mọ́.

Ó kù sọ́dọ̀ tíṣà. Ẹ gba mí láyè kí n sọ̀rọ̀ lórí ibi tí ẹ ti ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọkùnrin fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ yọ ọ́. Mo ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ọdún 31, àìmọye ọmọ ló wá bá mi tó ń sunkún pé òun ti lóyún torí pé ọmọkùnrin kan jókòó ti òun nínú bọ́ọ̀sì tàbí pé ẹ̀gbọ́n òun lọ́kùnrin di òun lọ́wọ́ mú. Ọ̀kan wà tí kò jẹun fún ọjọ́ méjì. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún èmi náà nìyẹn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá mi rò pé ààbò lòun ń ṣe fún mi. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n sọ irú ẹ̀ fún, tó bá mọ̀ lẹ́yìn ọ̀la pé irọ́ ni, kò ní gba èyí tó jẹ́ òótọ́ gbọ́ mọ́. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìbálòpọ̀ ló ń fa oyún, fífọwọ́kàn kì í fà á. Ẹni tó bá sì fọwọ́ kàn wọ́n níbi tí kò yẹ, kí wọ́n wá sọ fún yín, yálà wọ́n ti ń ṣe nǹkan oṣù tàbí wọn ò tíì máa ṣe é.

Tíṣà Ìsẹ́yìn

Ẹ ṣeun gan-an mà, mo ti yọ ọ́. Apòògùn, mo bi í láàárọ̀ yìí. Ó ní òun kì í lo nǹkan kan. Ìyá òun ló ní kí òun má lò ó, pé ó máa dí ilé ọmọ. Ohun tí Ìyá Ìbejì sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá yẹn tí kò fi ní dà bíi pé mò ń bá a du ọmọ ẹ̀?

Apòògùn Abẹ́òkúta

Ẹ sọ fún un pé oògùn yẹn kì í dúró sára. Láàárín ọjọ́ kan péré á ti kúrò lára tán, kò sì ní nǹkan kan tó ń fi sílẹ̀ nínú ilé ọmọ. Lílò ó fún ọjọ́ méjì lóṣù kò dí ọ̀nà ọmọ. Tí ìyá yẹn bá fẹ́, kó tẹ̀ lé ọmọ ẹ̀ wá sí ilé oògùn, kí apòògùn ṣàlàyé fún un lójúkojú. Òbí tó bá gbọ́ ọ fúnra ẹ̀ kì í bá tíṣà jà.

Bó ṣe yẹ kó lò ó rèé. Ọmọ yín ti pé 12, àbí? Aibúpúrófẹ̀n tó jẹ́ mílígíráàmù 200 ni wọ́n sábà máa ń tà. Ẹyọ kan tàbí méjì ni kó lò lẹ́ẹ̀kan, wákàtí 8 ni kó wà láàárín, kò gbọ́dọ̀ ju ìgbà 3 lọ lóòjọ́. Ká ní aago mẹ́fà àárọ̀ ló rí àmì nínú pátá ẹ̀, kó jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà tàbí ohunkóhun tó bá wà nílé, kó lò ó, kó máa bọ̀ nílé ẹ̀kọ́. Aago méjì ọ̀sán lẹ́yìn oúnjẹ á tún lò ó, aago mẹ́wàá alẹ́ ìkẹta. Lọ́jọ́ kejì kó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ọ̀pọ̀ wọn kì í nílò ẹ̀ mọ́. Kó má dúró kí inú ẹ̀ tó run gidi, àmì àkọ́kọ́ ni kó fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kó lò ó láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹni tí ikọ́ fée ń ṣe, ẹni tí kídìnrín ń yọ lẹ́nu, àti ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bá jẹ́ SS. Parasitámọ̀ ni irú wọn máa ń lò, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ àmọ́ ó dáa ju kí wọ́n máa yí lórí ẹní. Ẹ tún kìlọ̀ fún wọn lórí kápúsù pirọ́síkáàmù tí wọ́n ń tà lẹ́yọ-lẹ́yọ lẹ́bàá ọ̀nà, ẹbí kan náà lòun àti aibúpúrófẹ̀n. Mo ti rí ọmọ tó pa méjèèjì pọ̀ torí kó lè tètè ṣiṣẹ́, inú ẹ̀ ló bó.

Tó bá wá lò ó dáadáa báyìí fún oṣù mẹ́ta tí kò sì lè dìde síbẹ̀, ó ní nǹkan míì tó wà nídìí ẹ̀, kó lọ rí dókítà. Ẹ̀yin tíṣà ẹ má fún wọn ní oògùn lọ́wọ́ ara yín o, kí òbí mọ̀ sí i.

Ìyá Ìbejì Mókọ̀lá

Mo ti kà á. Mi ò ní bá yín jiyàn lórí ti ilé ọmọ torí ẹ̀yin lẹ kàwé ẹ̀. Àmọ́ ti ṣúgà yẹn, ẹni tó bá jẹ ẹ́ mọ̀ bó ṣe ń ṣe é.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì

Ẹ jẹ́ ká wá sórí páàdì torí mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni Ọmọ Ẹ̀yìn ti há. Ẹ wo ohun tó sọ, "Mi ò ní páàdì tó máa gbé mi dé òpin ẹ̀." Kò ní òun ò ní rárá. Ìyá ẹ̀ ń rà á, páàkì kan, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Páàkì tó wọ́pọ̀ lọ́jà, 8 ló wà nínú ẹ̀, àwọn kan jẹ́ 10. Ó yẹ kí èèyàn pààrọ̀ ní bíi wákàtí 4 sí 6, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò tíì kún. Ọjọ́ kìíní àti ìkejì, 4 lọ́jọ́ kan, 8 nìyẹn. Páàkì ti tán. Ó wá ku ọjọ́ kẹta dé ìkarùn-ún, 2 tàbí 3 lójúmọ́, bíi 7 nìyẹn. Gbogbo ẹ̀ ń lọ sí 15. Ìdajì ni ìyá ẹ̀ ń rà láìmọ̀, ọmọ náà ò sì lè sọ pé kò tó, torí ó mọ bí owó ṣe rí nílé.

Kí ló wá ń ṣe? Ọ̀nà méjì ni. Bóyá ó ń lo ẹyọ kan láti àárọ̀ di alẹ́, á máa rùn, á máa yún un, abẹ́ á bó. Tàbí kó jókòó sílé lọ́jọ́ tó ń pọ̀ kó lè lo àkísà, kó wá tọ́jú páàdì de ọjọ́ tó bá máa jáde. Ìkejì yìí ni mo rò pé ọmọ yín ń ṣe. Ọlọ́gbọ́n ọmọ ni, ó ń ṣún un lò.

Tíṣà Ìsẹ́yìn

Nọ́ọ̀sì, omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka èyí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Mo ti lọ bi í. Ó ní ọjọ́ kẹrin lòun máa ń bẹ̀rẹ̀ páàkì.

Aránṣọ Òṣogbo

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i, aṣọ ni mò ń rán. Èyí tí wọ́n ń fi aṣọ ṣe, tí wọ́n ń fọ̀ lò, mo ti ń rán an fáwọn ọmọ ìjọ wa, ẹyọ 5 ni mo máa ń rán fún ọmọ kan. Aṣọ kọ́tìnì tó rọ̀ ló máa wà lókè níbi tó kan ara, tówẹ̀lì ìlọ́po mẹ́ta láàárín, aṣọ agbòjò nísàlẹ̀ kó má bàa jò jáde, ẹ fi apá méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú bọ́tìnì tó máa ń ta pọ̀ kó lè di pátá mú. Agbòjò tó ti kán tí ẹ fẹ́ sọ nù, ẹ má sọ ọ́ nù mọ́, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ gé e.

Rírán ẹ̀ kọ́ ló le o, fífọ̀ ẹ̀ ni. Omi tútù ni kí wọ́n kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sí, omi gbígbóná á jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn títí ayé. Tí omi yẹn bá ti ṣàn lọ, kí wọ́n wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí wọ́n ṣan ọṣẹ kúrò pátápátá torí ọṣẹ tó kù lára ẹ̀ ló máa ń yúnni. Kí wọ́n sá a sóòrùn. Ibi tí gbogbo ọmọ ti ń kùnà rèé. Ojú ń tì wọ́n pé bàbá tàbí ará ilé á rí i, wọ́n á tẹ́ ẹ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò ní gbẹ, á hu, wọ́n á tún gbé e wọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń kọ́ wọn ni pé kí wọ́n sá a, kí wọ́n wá da ìborùn tín-ín-rín kan lé e lórí. Ẹni tó ń kọjá á rò pé ìborùn ni wọ́n sá. Oòrùn á gba inú ẹ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ kí Ọmọ Ẹ̀yìn lo ti aṣọ nílé àti lálẹ́, kó lo páàdì ọ̀rá fún ilé ẹ̀kọ́. 8 yẹn á tó o.

Adúnní Pẹ̀kámù

Ẹ ǹlẹ́ o. Níbí, láti oṣù kìíní ọdún 2020, ìjọba ń sanwó páàdì fáwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Íńgíláǹdì, ilé ẹ̀kọ́ tó bá béèrè fún un á rí i gbà. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ nílé. Ohun tí mo fẹ́ kí tíṣà mú níbẹ̀ ni ibi tí wọ́n ń kó o sí. Nílé ẹ̀kọ́ ọmọ àbúrò mi, ọwọ́ tíṣà ló kọ́kọ́ wà, ọmọ kankan ò lọ gbà á. Wọ́n wá kó o sínú agbọ̀n nínú tọ́yílẹ́ẹ̀tì, ó tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí ọmọ ọdún 13 tó fẹ́ dúró níwájú ẹnikẹ́ni kó ní òun ń ṣe nǹkan oṣù.

Mọ́jèlé

Ṣebí ìjọba Nàìjíríà ní àwọn ti yọ owó orí kúrò lórí páàdì? Kí ló dé tí kò fi wálẹ̀?

Apòògùn Abẹ́òkúta

Òótọ́ ni, òfin owó ọdún 2019 ló yọ owó orí ọjà kúrò lórí páàdì tí wọ́n ṣe níbí. Àmọ́ 7.5 nínú 100 péré ni owó orí yẹn. Òwú, ọ̀rá àti gẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń ṣe é, dọ́là ni wọ́n fi ń ra púpọ̀ nínú ẹ̀. Dọ́là ti gbé 7.5 yẹn mì tipẹ́.

Tíṣà Ọkùnrin

Ẹ má bínú pé ọkùnrin ni mí. Lébọ̀ Másítà ni mí nílé ẹ̀kọ́ tèmi. Mo fẹ́ bi tíṣà, tọ́yílẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọbìnrin yín, ta ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀? Torí tiwa, èmi ló wà lọ́wọ́ mi fún ọdún mẹ́rin. À ń tì í kí àwọn ará ìta má bàa bà á jẹ́. Ọmọbìnrin tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ á wá bá mi ní sítáàfù rúùmù níwájú tíṣà mẹ́wàá, á ní "Sà, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́." Mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe fún wọn. Ìyàwó mi ló sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan pé ìdí tóun náà fi máa ń sá lọ sílé láago mẹ́wàá nígbà tó wà nílé ìwé nìyẹn, pé kò síbi tí wọ́n ti lè pààrọ̀. Bí mo ṣe dé ilé ẹ̀kọ́ ní Mọ́ńdè ni mo gbé e fún tíṣà obìnrin kan, a tún ṣe méjì míì, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọmọ kan ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan.

Tó bá jẹ́ pé tọ́yílẹ́ẹ̀tì wà ní títì, ọ̀rọ̀ tó dùn bí oyin lẹ lè sọ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, wọ́n á ṣì máa lọ sílé.

Tíṣà Ìsẹ́yìn

Ha. Ọwọ́ ọ̀gá kékeré wa ló wà. Ọkùnrin ni. Mo ti ń kọ́ níbẹ̀ láti ọdún 6 sẹ́yìn, kò wá sí mi lọ́kàn rí torí tọ́yílẹ́ẹ̀tì àwọn tíṣà lèmi ń lò.

Ìyá Ìbejì Mókọ̀lá

Níbo ni wọ́n wá ń ju èyí tí wọ́n bá ti lò sí? Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má jù ú síbi tí ẹnikẹ́ni ti lè mú un o. Ayé ti bàjẹ́, àwọn ọmọ yàhúù ń fi ṣe òògùn. Kí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ kúrò pẹ̀lú iyọ̀ kí wọ́n tó jù ú.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì

Ìyá Ìbejì, bí èèyàn gbà á gbọ́ bí kò gbà á gbọ́, ẹ̀rù yẹn ń ba àwọn ọmọ, ẹ̀rù náà sì ní ohun tó ń fà. Mo mọ àwọn ọmọ tó ń gbé páàdì tí wọ́n ti lò sínú báàgì ìwé di aago méjì ọ̀sán kí wọ́n lè gbé e relé, àwọn míì ò ní pààrọ̀ rárá torí wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa jù ú sí. Torí náà tíṣà, ẹ fi í sọ́kàn. Kí ọmọ ká a, kó fi ọ̀rá ara páàdì tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já wé e, kó fi pépà wé e, kó jù ú sínú garawa tó lọ́mọrí. Kí wọ́n má jù ú sínú ṣáláńgá tàbí ihò tọ́yílẹ́ẹ̀tì, gẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ á mu omi, á wú, á dí i. Kí obìnrin kan tí wọ́n fọkàn tán máa sun ún nínú dúrọ́ọ̀mù nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti tú, kó jóná di eérú. Tí wọ́n bá mọ ẹni tó ń sun ún, ọkàn wọn á balẹ̀.

Ti pé kí wọ́n fọ̀ ọ́, èmi ò fara mọ́ ọn nílé ẹ̀kọ́ tí kò lómi. Gẹ́ẹ̀lì yẹn á tún kún ọwọ́ wọn.

Ìyá Ìbejì Mókọ̀lá

Èmi ṣì máa ní kí àwọn tèmi fọ̀ ọ́. Àmọ́ ti dúrọ́ọ̀mù yẹn dáa.

Ẹni Orí Yọ

Mo kàn ń kà á láti ìjẹta, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo jọ̀ọ́ tíṣà, ẹ fi tèmi kún un. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 12 ni mo ti máa ń kún páàdì ńlá láàárín wákàtí kan, mo máa ń lò ó méjì papọ̀, ọjọ́ 9 sí 10 ni mo máa ń ṣe é, ẹ̀jẹ̀ dídì tó tóbi ju owó ẹyọ lọ ló máa ń jáde. Gbogbo èèyàn ní bí ti ìdílé wa ṣe rí nìyẹn. Òòyì máa ń gbé mi ṣubú lórí ìlà nígbà àdúrà àárọ̀, wọ́n á ní mi ò jẹun ni. Mo máa ń jẹ yìnyín inú fíríìjì bí ẹni jẹ ẹ̀pà. SS 2 ni mo wà tí mo dákú pátápátá, wọ́n gbé mi lọ sílé ìwòsàn, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mi ti wá sí 19 nínú 100 nígbà tó yẹ kó jẹ́ 36 sókè, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ páìǹtì méjì sí mi lára. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bi mí bóyá imú mi máa ń ṣẹ̀jẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni láti kékeré, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi kì í tètè dì ni. Ọdún 5 ni mo ti ń rò pé bí obìnrin ṣe ń rí nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún wọn iye tó pọ̀ jù. Ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. O ṣeun tó o sọ ọ́. Tíṣà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ yẹn. Páàdì tó ń kún láàárín wákàtí kan sí méjì, tó ju ọjọ́ 7 lọ, ẹ̀jẹ̀ dídì tó tóbi ju owó ẹyọ lọ, òòyì, kí yìnyín tàbí amọ̀ máa wu èèyàn jẹ. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú ẹ̀ kó wá bá yín, ẹ ránṣẹ́ sí òbí ẹ̀, kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò.

Tíṣà Ìsẹ́yìn

Mo ti tún un kọ, mo fi aago wò ó, ìṣẹ́jú 8 ni tí mo bá rọra sọ ọ́. Ẹ bá mi wò ó kó tó di ọ̀la.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Mo ti wo rẹ́jísítà, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kì í wá tí nǹkan oṣù bá dé. Mi ò bínú. Ohun tí ẹ máa ṣe ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ mú bírò, ẹ ṣí ẹ̀yìn nóòtù yín. Ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ fa ìlà kan síbẹ̀. Ọjọ́ tó bá tún bẹ̀rẹ̀, ẹ ka ọjọ́ tó wà láàárín. Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ 21, ó lè tó 45, kò ní kó má yí padà fún bí ọdún méjì. Tí ọjọ́ bá ti ń sún mọ́lé, ẹ fi páàdì kan àti pátá kan sínú ọ̀rá, ẹ fi sí ìsàlẹ̀ báàgì.

Tí inú bá máa ń run ẹ débi tó ò lè jókòó, má dúró kó tó le. Jẹun, kí ìyá ẹ fún ẹ ní oògùn tó yẹ ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, kó o máa bọ̀. Mo ti kọ ìwé kan sí àwọn òbí yín lórí ẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Oògùn yẹn ò dí ilé ọmọ.

Ẹ pààrọ̀ páàdì lágogo ìsinmi kìíní, ẹ tún pààrọ̀ kí ẹ tó relé. Agbọ̀n kan wà nínú tọ́yílẹ́ẹ̀tì, ẹ mú, ẹ ò ní tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tó bá yí yúnífọ́ọ̀mù yín, ẹ so kádígàn mọ́dìí, ẹ jáde, ẹ ò ní gbàṣẹ lọ́wọ́ tíṣà kankan, mo ti bá gbogbo wọn sọ ọ́. Omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ọmọ tó bá rí i lára ọ̀rẹ́ ẹ̀, kó rọra fọwọ́ tọ́ ọ, kó má pariwo.

Tó bá ń kún páàdì láàárín wákàtí kan sí méjì, tó ju ọjọ́ 7, tí òòyì ń kọ́ ẹ, wá bá mi. Ìyẹn kì í ṣe ohun tó yẹ kó o fara dà."

Apòògùn Abẹ́òkúta

Ó dáa gan-an. Ẹ jẹ́ kó hàn nínú ìwé tí ẹ kọ sí òbí pé ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ikọ́ fée, àìsàn kídìnrín tàbí SS kó béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó lo aibúpúrófẹ̀n.

Tíṣà Ìsẹ́yìn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. A ti ṣe é. Ojú ń tì wọ́n níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo dé orí ẹ̀yìn nóòtù ni mo gbọ́ tí gbogbo wọn ń ṣí ìwé. Àwọn 5 ló dúró dè mí lẹ́yìn ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní ọjọ́ 11 lòun máa ń ṣe é, ìyá ẹ̀ ń mú un lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní Ọjọ́rú. Ọ̀kan ní ṣé lóòótọ́ lòun lè fọ irun òun tóun bá ń ṣe é, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá Ọmọ Ẹ̀yìn wá. Ẹ̀kọ tútù ló ń tà. Mo ṣírò páàdì yẹn fún un lórí pépà bí Nọ́ọ̀sì ṣe ṣe é, ó kàn ń wò mí, ó ní, "Kò sọ fún mi pé kò tó." Ó ti gbà láti ra oògùn yẹn, ó fẹ́ kọ́kọ́ bá apòògùn àdúgbò wọn sọ̀rọ̀. Aránṣọ, ó ní kí n bá òun béèrè iye yáàdì tówẹ̀lì tó máa ṣe ẹyọ 5.

Ọ̀gá ti gba kọ́kọ́rọ́, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan wà lọ́wọ́ Ọmọ Ẹ̀yìn. Omi ni kò tíì sí. Ìhò kànga wà lẹ́yìn kíláàsì JSS 1 àmọ́ pọ́ǹpù ẹ̀ ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń tún irú ẹ̀ ṣe ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi níbí.